Bí a ṣe ń so PS4 mọ́ mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò ní sípíkà, tí ohùn á sì jáde

"Ẹ̀gbọ́n, àwòrán ti yọ o, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn kankan." Láti ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ti ń ra mọ́nítọ̀ tokunbo dípò tẹlifíṣọ̀n, ìpè tí mo ń gbà jù nìyí. Ẹnìkan á pè mí láti Sáúùtù Géètì, ẹlòmíràn á pè láti Oǹdó, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn kan ò tilẹ̀ rí àwòrán, tí wọ́n sì ti ra adápítà mẹ́ta. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ síbí ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹ má baà ra ohun tí ẹ ò nílò.

PS4 ni mo máa fi ṣàlàyé, pàápàá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Síìmù, nítorí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Ẹni tó ní PS3 á rí ti rẹ̀ nísàlẹ̀.

## Ìdí tí ohùn kò fi jáde

Wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ọ́fíìsì kó máa fi àwòrán hàn nìkan. Kọ̀ǹpútà ló ní ihò sípíkà tirẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó ń béèrè ohùn lọ́wọ́ mọ́nítọ̀. PS4 kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán àti ohùn jọ ń gba inú HDMI kan ṣoṣo jáde ni. PS4 àkọ́kọ́ àti Pro ní ihò kejì lẹ́yìn tó ń fi ìtànṣán iná gbé ohùn, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ihò yẹn kúrò lára Síìmù. Tí HDMI bá ti wọ inú mọ́nítọ̀ tí kò ní sípíkà, ibẹ̀ ni ohùn yẹn parí sí, àfi tí a bá yà á kúrò lójú ọ̀nà.

## Kí ẹ tó náwó: ẹ gbọ́ ohùn láti ara páàdì

Ẹ wo ìsàlẹ̀ páàdì PS4 yín. Ihò íápíìsì wà níbẹ̀, bíi ti fóònù. Ó lè gbé gbogbo ohùn géèmù jáde láìlo adápítà kankan.

1. Ẹ ki íápíìsì bọ inú páàdì nígbà tí PS4 bá wà ní títàn.
2. Ẹ lọ síbí:

```
Settings > Devices > Audio Devices > Output to Headphones
```

3. Ẹ yan `All Audio`. Bó bá wà lórí `Chat Audio`, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí ẹ jọ ń ta géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ẹ máa gbọ́.

Tí ẹ bá ní okùn tó ní ẹnu íápíìsì lápá méjèèjì, ẹ lè so páàdì mọ́ wúfà lọ́nà kan náà. Ohun tí kò dára níbẹ̀ ni pé okùn á máa fa páàdì lọ́wọ́ yín, bátìrì páàdì á sì yára tán. Ẹni tó ń dá ta nínú yàrá rẹ̀ lóru kò nílò ju èyí lọ, mo sì máa ń sọ fún un pé kó dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹni méjì bá jọ fẹ́ gba bọ́ọ̀lù, tàbí tí ẹ bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù, ẹ máa ka ìwé yìí lọ.

## Ẹ yí mọ́nítọ̀ padà, ẹ wo ihò ẹ̀yìn rẹ̀

Kí ẹ tó lọ sí ìsọ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn mọ́nítọ̀. Ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ihò wọ̀nyí ni ẹ máa bá níbẹ̀.

- HDMI. Okùn HDMI lásán ti tó fún àwòrán. Ẹ wò ó bóyá ihò íápíìsì wà lára mọ́nítọ̀ náà. Tó bá wà, tó sì jẹ́ èyí tí ohùn ń gbà jáde, ẹ ki wúfà bọ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Lára mọ́nítọ̀ mìíràn, ihò ohùn ibẹ̀ wà fún ohùn tó ń wọlé, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀.
- VGA. Ihò 15 ní ìlà 3, àwọ̀ búlúù ló sábà máa ń ní, pẹ̀lú ìdè méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́.
- DVI. Ó fẹ̀ ju VGA lọ, funfun ló sábà máa ń jẹ́. Ihò 24 ni, pẹ̀lú ojú tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́.
- DP. Ó jọ HDMI, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gé.

Tí VGA àti DVI bá jọ wà lára mọ́nítọ̀ kan, DVI ń fún yín ní àwòrán tó mọ́ jù, VGA sì ni ohùn rẹ̀ rọrùn jù, owó rẹ̀ sì kéré. Ẹni tí owó kò tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó gba ọ̀nà VGA, kó má tijú.

## Apá ibi tí adápítà ń kọjú sí

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹnu adápítà lè wọ ihò méjèèjì láìsí wàhálà, síbẹ̀ kó má ṣiṣẹ́ láé, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà. Adápítà tó ń gbé VGA kọ̀ǹpútà wá sí HDMI tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé HDMI PS4 lọ sí VGA mọ́nítọ̀. DP tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: okùn DP sí HDMI tó pọ̀ lọ́jà, láti ara kọ̀ǹpútà lọ sí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ní mọ́nítọ̀ DP nílò èyí tí PS4 ń wọ̀ láti apá HDMI, tó ní ẹ̀rọ nínú, tó sì ní okùn USB tó ń fún un níná. Ó wọ́n, kì í sì í pọ̀ lọ́jà. Tí VGA tàbí DVI bá wà lára mọ́nítọ̀ yẹn pẹ̀lú, ẹ fi DP sílẹ̀.

Ní ìsọ̀, ẹ má kàn sọ pé ẹ fẹ́ "HDMI àti VGA". Ẹ sọ pé: "HDMI ló ń wọlé láti ara PS4, VGA ló ń jáde lọ sí mọ́nítọ̀."

Ẹ sì má ra okùn HDMI sí VGA lásán tí kò ní àpótí kankan lára. Nọ́ńbà ni HDMI fi ń gbé àwòrán, VGA sì ń fi ìgbì iná tó ń lọ sókè sódò gbé e. Ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ wà láàárín tó ń yí ọ̀kan padà sí èkejì. Okùn lásán kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. DVI ni kò nílò ẹ̀rọ, nítorí èdè kan náà ni òun àti HDMI ń sọ ní ti àwòrán.

## Ọ̀nà kìíní: mọ́nítọ̀ VGA

Ẹ ra adápítà HDMI sí VGA tó ní ihò íápíìsì lára, tó sì ní ihò kékeré fún iná USB. Ihò iná yìí ṣe pàtàkì. Iná tí HDMI gbọ́dọ̀ fún ohun tí a so mọ́ ọn kéré púpọ̀, ìlérí ìlànà rẹ̀ kò ju mílíámpù 55 lọ. Àwọn adápítà mìíràn ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwòrán á dára fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, adápítà á gbóná, ojú mọ́nítọ̀ á dúdú, ẹ ó sì rò pé PS4 ló bàjẹ́.

1. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì PS4, mọ́nítọ̀ àti wúfà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Okùn iná PS4 Síìmù kò ní ẹsẹ̀ kẹta tó ń kó iná tó ṣìnà wọlẹ̀, irin HDMI rẹ̀ sì lè ta yín lọ́wọ́ díẹ̀. Ta-ta yẹn ló ń ba ihò HDMI jẹ́ tí ẹ bá ń kì í bọ̀ nígbà tí iná wà lára gbogbo wọn.
2. Ẹ so okùn HDMI láti PS4 lọ sí adápítà.
3. Ẹ so okùn VGA láti adápítà lọ sí mọ́nítọ̀, ẹ yí ìdè rẹ̀ méjèèjì le.
4. Ẹ so okùn USB adápítà mọ́ ṣájà fóònù tàbí ihò USB iwájú PS4.
5. Ẹ so wúfà mọ́ ihò íápíìsì ara adápítà.
6. Ẹ tan mọ́nítọ̀ àti wúfà kọ́kọ́, kí ẹ tó tan PS4.
7. Ẹ fi bọ́tìnnì mọ́nítọ̀ yan VGA, bí kò bá yàn án fúnra rẹ̀.

## Ọ̀nà kejì: mọ́nítọ̀ DVI àti àpótí tó ń yọ ohùn

Ohun tí ẹ máa béèrè fún ni HDMI ọ́díò ẹkísítirátọ̀. Àpótí kékeré kan ni. HDMI ń wọ inú rẹ̀ láti apá kan, ó ń jáde ní apá kejì, ihò íápíìsì tàbí ihò pupa àti funfun sì wà lára rẹ̀ fún ohùn. Ẹ ó tún ra okùn HDMI sí DVI. Ẹ ṣọ́ ẹnu DVI rẹ̀: tí abẹ́rẹ́ kékeré 4 bá yí irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, kò ní wọ ihò ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀. Èyí tí irin pẹlẹbẹ rẹ̀ dá wà ni ẹ fẹ́.

Àpótí yìí gbọ́dọ̀ wà ṣáájú DVI, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀:

```
PS4 -> HDMI -> INPUT [àpótí] OUTPUT -> HDMI/DVI -> mọ́nítọ̀
                        |
                      wúfà
```

1. Ẹ yọ gbogbo pulọ́ọ̀gì, bíi ti ìṣáájú.
2. Ẹ so PS4 mọ́ `INPUT` àpótí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń yí i sódì, torí ihò méjèèjì jọra.
3. Ẹ so okùn HDMI sí DVI mọ́ `OUTPUT`, kí ẹnu kejì wọ mọ́nítọ̀.
4. Ẹ ti súwíìsì kékeré ara àpótí sí `2CH`.
5. Ẹ fún àpótí níná USB, ẹ so wúfà mọ́ ọn.
6. Ẹ tan mọ́nítọ̀, wúfà àti àpótí, kí PS4 gbẹ̀yìn wọn.
7. Lórí PS4, ẹ lọ síbí kí ẹ sì yan `Linear PCM`:

```
Settings > Sound and Screen > Audio Output Settings > Audio Format (Priority)
```

Bí ẹ bá fi sílẹ̀ lórí Dolby tàbí DTS, ohùn tó dì ni PS4 ń fi ránṣẹ́. Ihò íápíìsì àwọn àpótí olówó pọ́ọ́kú kò mọ bí a ṣe ń tú u.

### Súwíìsì tó ń da gbogbo rẹ̀ rú

Ìgbésẹ̀ kẹrin yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí, nítorí òun ni ìdáhùn sí ìpè tí mo ń gbà jù.

Nígbà tí ẹ bá so ẹ̀rọ méjì pọ̀ pẹ̀lú HDMI, mọ́nítọ̀ máa ń kọ́kọ́ júwe ara rẹ̀ fún PS4: ìwọ̀n àwòrán tí mo lè gbé nìyí, irú ohùn tí mo lè gbé nìyí. Mọ́nítọ̀ DVI kò ní dárúkọ ohùn rárá, torí kò ní i. PS4 á gbà bẹ́ẹ̀, á sì fi àwòrán nìkan ránṣẹ́. Àpótí wá wà láàárín, ó ń wá ohùn tó máa yọ, kò sì sí ohùn kankan nínú ohun tó ń kọjá lára rẹ̀.

Tí súwíìsì bá wà lórí `PASS`, ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́nítọ̀ yẹn náà ni àpótí ń gbé fún PS4 láìfi nǹkan kún un. Tí ẹ bá tì í sí `2CH`, àpótí fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn pé òun lè gbé ohùn oníhà méjì. PS4 á wá fi ohùn ránṣẹ́. Ẹ má fi sí `5.1CH` tí kì í bá ṣe pé ẹ ní hóòmù tíátà tó lè gbà á. Lára àwọn àpótí kan, wọ́n kọ `2.0CH`, ohun kan náà ni.

Ọmọkùnrin kan ní òpópónà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́ ni mo lọ bá lọ́jọ́ kan. PS4 Síìmù ló ní, pẹ̀lú mọ́nítọ̀ ínǹṣì 22 tó ní VGA àti DVI nìkan. Ó ti so gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, àpótí wà ṣáájú DVI, wúfà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú fóònù, síbẹ̀ kẹ́kẹ́ pa mọ́ PS4 lẹ́nu. Ó ti dá àpótí kan padà fún ẹni tó tà á, ó gba òmíràn, ohun kan náà. Mo wo súwíìsì: `PASS`. Mo pa PS4, mo tì í sí `2CH`, mo tún un tàn. Ohùn jáde kí a tó dé inú mẹ́nù. Ó ṣeé ṣe kí àpótí tó dá padà dára pátápátá. Ẹ rántí pípa PS4 náà o, torí ìgbà tí wọ́n bá tún so pọ̀ ni mọ́nítọ̀ ń júwe ara rẹ̀.

Mọ́nítọ̀ yẹn tún fi nǹkan mìíràn hàn wá. Ìwọ̀n ojú rẹ̀ jẹ́ 1680 lọ́nà 1050, PS4 sì ń fi 1920 lọ́nà 1080 ránṣẹ́ sí i. Àwòrán ń yọ, ó ń pòórá. Nígbà tí a gbé e wá sí `720p`, ó dúró. Àwòrán gùn sókè díẹ̀, nítorí ojú mọ́nítọ̀ náà ga ju ti tẹlifíṣọ̀n lọ, ṣùgbọ́n ó fara mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń kùnà náà wà. Tí àpótí bá ti sọ pé ohùn lè kọjá, ohun tó ń jáde lọ sí mọ́nítọ̀ ní ohùn nínú, àwọn mọ́nítọ̀ DVI àtijọ́ kan kò sì mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Ẹ ó rí ìlà aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ létí òsì ojú mọ́nítọ̀, tàbí kí ojú rẹ̀ dúdú pátápátá, tó sì jẹ́ pé ó máa ń yọ dáadáa tí súwíìsì bá wà lórí `PASS`. Kò sí ètò inú PS4 tó ń tún èyí ṣe. Ẹ padà sí ọ̀nà VGA, tàbí kí ẹ gba ohùn láti ara páàdì.

## Tí kò bá ṣiṣẹ́

Ojú mọ́nítọ̀ kọ pé `Out of Range` tàbí `Input Not Supported`. Àwòrán ti tóbi jù fún un. Ẹ pa PS4 pátápátá, kì í ṣe kó sùn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì iná rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó máa dún lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fi sílẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá 7 ó máa dún lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi okùn USB so páàdì mọ́ PS4, ẹ tẹ bọ́tìnnì PS àárín rẹ̀. Ẹ yan nọ́ńbà 2, tó máa jẹ́ `Change Resolution` tàbí `Change Video Output` gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí sọ́fítíwíà yín. PS4 á tún tàn, á sì bi yín ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́. Ẹ mú `720p`.

Ojú dúdú, kò kọ ohunkóhun. Ẹ gbé PS4 lọ sí ilé ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n, ẹ so ó mọ́ ọn, kí ẹ yọ àmì kúrò níbí:

```
Settings > System > Enable HDCP
```

Èyí ni ààbò tó ń bi mọ́nítọ̀ bóyá ó ní àṣẹ láti fi àwòrán hàn, mọ́nítọ̀ àtijọ́ àti adápítà mìíràn kì í sì ní àṣẹ yẹn. Géèmù kò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn áàpù fíìmù kan kò ní ṣí títí ẹ ó fi dá a padà.

Àwòrán wà, dúdú inú rẹ̀ rí bí eérú. Ẹ lọ sí `Video Output Settings`, ẹ yí `RGB Range` sí `Full`. Tí àwọn ibi òkùnkùn bá wá dúdú jù, tí ẹ ò rí ọ̀tá nínú òjìji mọ́, ẹ dá a padà sí `Limited`.

Wúfà ń kùn hùn-ùn-ùn. Èyí wọ́pọ̀ tí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀. Ẹ ki PS4, mọ́nítọ̀ àti wúfà bọ ẹsitẹ́ńṣọ̀n kan náà. Ẹ yọ ṣájà tó ń fún àpótí níná, kí ẹ fún un níná láti ara USB PS4. Bí kíkùn náà bá dákẹ́, ṣájà yẹn lẹ́bi.

Ohùn pọ̀ jù tàbí kéré jù. PS4 kì í dín ohùn HDMI kù. Ẹ lo wúfà tó ní bọ́tìnnì ohùn tirẹ̀. Ẹ má ki íápíìsì tààrà bọ àpótí kí ẹ sì fi sí etí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ó lè le jù, kò sì sí ibi tí ẹ ti lè dín in kù.

Sípíkà búlútúùtù ńkọ́? PS4 kì í so mọ́ ọn fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tó ń ràn án lọ́wọ́, ohùn á máa pẹ́ lẹ́yìn àwòrán, bọ́ọ̀lù á ti wọ inú àwọ̀n kí ẹ tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Bí wúfà búlútúùtù yín bá ní ihò okùn, okùn ni kí ẹ lò.

## Ẹni tó ní PS3

Páàdì PS3 kò ní ihò íápíìsì, ẹ ò sì lè pa `HDCP` rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kò nílò àpótí. Okùn àtijọ́ tó bá PS3 wá, tó ní ẹnu yẹ́lò, pupa àti funfun, ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn PS3 pẹ̀lú HDMI lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi yẹ́lò sílẹ̀, ẹ so pupa àti funfun mọ́ wúfà. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí `Settings > Sound Settings > Audio Output Settings`, kí ẹ yan `Audio Input Connector / SCART / AV MULTI`. Àwòrán á gba HDMI, ohùn á gba okùn àtijọ́. Tí ojú bá dúdú, ẹ pa PS3, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi dún lẹ́ẹ̀kejì, yóò sì tún ìwọ̀n àwòrán rẹ̀ yàn.

## Kí ẹ tó kúrò ní ìsọ̀

- Fọ́tò ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ yín wà lórí fóònù.
- HDMI ló ń wọlé sínú adápítà, kì í ṣe pé òun ló ń jáde.
- Ihò iná USB wà lára adápítà VGA tàbí àpótí ohùn, okùn iná náà sì wà nínú páálí.
- Ihò ohùn wà lára adápítà VGA.
- Súwíìsì `2CH` wà lára àpótí. Tí kò bá sí súwíìsì rárá, ẹ má rà á fún mọ́nítọ̀ DVI.
- Ẹni tó ń tà á gbà pé ẹ lè dá a padà tí kò bá ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní PS4 tàbí dékódà HDMI ní ìsọ̀, ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín.